Orúkọ Aṣọ Yàtọ̀ sí Àwòrán Ara Aṣọ: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Télọ̀ àti Aláṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ Sọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin aláṣọ òkè, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta aṣọ lórí fóònù. Ohun tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ kò ju ìbéèrè kan lọ: ẹni tó ní okòwò aṣọ kékeré nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, kí ló máa ṣe tí ẹlòmíì kò fi ní gba orúkọ rẹ̀ àti àrà tó ń dá mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi ló máa ń sọ pé, "Lọ́yà, mo fẹ́ ṣe kọ́píráìtì orúkọ mi." Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kọ́píráìtì kì í ṣọ́ orúkọ. Tirédímáàkì ló ń ṣọ́ orúkọ àti àmì tí àwọn oníbàárà fi ń dá ọjà yín mọ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn fi ọpọlọ àti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kọ́píráìtì ń ṣọ́: àwòrán, fọ́tò, fídíò, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀. Òfin wọn yàtọ̀, ọ́fíìsì wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ní wọn náà yàtọ̀. Ẹni tó bá lọ fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì yóò náwó tán, kò sì ní rí ohun tó wá.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti ara ohun tí mo máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Fásitì Ládòkè Akíntọ́lá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ okòwò rẹ̀ ní Kánáfùrù. Ó ti forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó fi kọ́ ara ògiri. Ó sanwó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, ìyẹn bá a ṣe lógò. Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó, ó ya máńgòrò tí wọ́n là sí méjì pẹ̀lú ewé rẹ̀, torí pé ta ni ò mọ̀ wá mọ́ máńgòrò? Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán náà sórí àǹkárá fún òun. Ó tún ní bùbá kan tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, tó sì ní ìṣẹ́po méjì ní èjìká. Gbogbo ọmọ fásitì ló ń béèrè rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ló ní lọ́wọ́ yẹn: orúkọ, lógò, àwòrán máńgòrò, àti ìrísí bùbá. Òfin kò fi ojú kan náà wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Orúkọ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ yín rò pé ẹ ti bójú tó. Ìwé tí ẹ gbà lọ́dọ̀ CAC kò sọ orúkọ náà di tiyín lójú ọjà. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀ ń fi orúkọ yìí ṣòwò, ìjọba sì mọ̀ yín mọ́ ọn. Ẹlòmíì lè wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó tó ti fi orúkọ kan náà gba tirédímáàkì lórí aṣọ, lọ́yà rẹ̀ sì lè kọ̀wé sí yín pé kí ẹ gé orúkọ náà kúrò lára gbogbo aṣọ tó wà lórí igbá. Ìwé CAC kò ní dá a dúró. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ibi tí owó kékeré tí ẹ ní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ni tirédímáàkì orúkọ, kó tó kan ohun mìíràn.

Òfin Tirédímáàkì tí à ń lò ti wà láti ọdún 1965. Rẹ́jísírì tó ń mójú tó o wà ní Àbújá, lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ilé-iṣẹ́, òwò àti ìdókòwò. Ẹ kò ní láti wọkọ̀ lọ síbẹ̀; aṣojú tí rẹ́jísírì fọwọ́ sí, tó sábà máa ń jẹ́ lọ́yà, ló ń bá èèyàn fi ìwé ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúkọ ni wọ́n ń gbà. Bí obìnrin wa bá sọ ọjà rẹ̀ ní "Aṣọ Tó Dáa", wọn ò ní gbà á, torí ó ń ròyìn ọjà ni, gbogbo aláṣọ ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé aṣọ òun dáa. Bó bá sọ ọ́ ní "Aṣọ Ògbómọ̀ṣọ́", orúkọ ìlú nìyẹn, ẹnì kan kò lè dá ìlú gbà. Orúkọ ìdílé náà ń mú ìṣòro wá, ẹ̀yin télọ̀ sì fẹ́ràn kí ẹ máa fi orúkọ bàbá yín ṣòwò. Bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́tà gbọọrọ lásán, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Òfin fàyè gbà á nígbà tí ẹ bá kọ orúkọ náà lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ tó ní ìrísí tirẹ̀. Orúkọ tó máa ń tètè kọjá ni èyí tí èèyàn hun fúnra rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ gidi tí kò bá ọjà náà tan rárá. Kánáfùrù wà nínú èyí kejì. Ìyá tó ń ta kánáfùrù fún àgbo lọ́jà kò lè fi í ṣe tirédímáàkì ohun tó ń tà, ṣùgbọ́n lórí bùbá àti ṣòkòtò, ọ̀rọ̀ náà kò ròyìn ohunkóhun.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Àkọ́kọ́, aṣojú yín máa wo inú rẹ́jísírì bóyá orúkọ náà tàbí èyí tó jọ ọ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ má fo èyí dá. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa yan kíláàsì. Kíláàsì márùnlélógójì (45) ni wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń gbà, pẹ̀lú owó tirẹ̀. Aṣọ tí a ti rán, bàtà àti fìlà wà ní kíláàsì 25. Aṣọ tí a ò tíì rán, àǹkárá lọ́pá-lọ́pá àti aṣọ òkè tí a hun, wà ní kíláàsì 24. Ẹni tó bá ń rán aṣọ oníbàárà fún un, tí kì í ṣe pé ó ń ta aṣọ tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí kíláàsì 40. Mo ti rí ẹni tó ń ta aṣọ òkè lásán tó lọ gba kíláàsì 25 nìkan, torí ó gbọ́ pé ibẹ̀ ni ti aṣọ. Ẹni tó ń ta aṣọ híhun lórúkọ kan náà wá ń bá tirẹ̀ lọ ní kíláàsì 24, ó sì di ìjà tó le ju bó ṣe yẹ lọ.

Obìnrin wa ń ta aṣọ rírán báyìí, ó sì fẹ́ máa ta àǹkárá tó bá yá. Bí owó rẹ̀ bá tó kíláàsì kan péré, 25 ni kó gbà. Kó fi 24 kún un kí àǹkárá yẹn tó jáde.

Bí wọ́n bá gbà ìwé náà, wọ́n máa fún un ní èsì pé ó ti dé ọwọ́ wọn. Bí rẹ́jísírà bá yẹ̀ ẹ́ wò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n máa kọ lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà, wọ́n á sì gbé orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn tirédímáàkì ti ìjọba. Láti ọjọ́ yẹn, oṣù méjì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ takò ó. Bí kò bá sí alátakò, ìwé ẹ̀rí yóò jáde. Gbogbo rẹ̀ lè gbà ju ọdún kan lọ, ẹ fara balẹ̀, torí pé ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin máa kà sí ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọdún méje ló kọ́kọ́ máa ń lò, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ óò máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá, títí lọ.

Kí ìwé ẹ̀rí tó jáde, ẹ má fi àmì lẹ́tà R tó wà nínú òbìrípo sára aṣọ yín o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti pe tirédímáàkì tí wọn ò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní èyí tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà TM kékeré ni kí ẹ lò.

Arákùnrin kan bi mí lọ́jọ́ náà pé ṣé ó pọn dandan kí a fi àmì ohùn sí orúkọ. Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ àmì ohùn kọ́ ló máa pinnu ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ jí orúkọ yín kò ní kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́; ó lè fi C rọ́pò K, ó lè fi lẹ́tà kan kún un. Ohun tí òfin ń wò ni bóyá orúkọ méjèèjì jọra débi tí oníbàárà lè fi ṣì í mú, yálà ó fojú rí i tàbí ó fetí gbọ́ ọ. Nítorí náà, lẹ́tà gbọọrọ lásán, láìní àwọ̀, láìní ọ̀ṣọ́, ni mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá fi lógò aláwọ̀ pupa nìkan sílẹ̀ tí ẹ sì so ó mọ́ àwọ̀ yẹn, ẹ ti fọwọ́ ara yín dín ààyè yín kù. Lógò lè tẹ̀lé e bí owó bá yọ.

Lógò yìí gan-an ni kọ́píráìtì àti tirédímáàkì ti pàdé, ibẹ̀ ló sì ti ń bu ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Obìnrin wa sanwó fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó yà á. Ó gba fáìlì lórí Wọ́sáàpù, ó ní ó ti di tòun. Lójú òfin kọ́píráìtì wa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ló kọ́kọ́ ni kọ́píráìtì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, owó tí ẹ san nìkan kò gbé ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ló ń gbé e. Ẹ̀rí ẹnu kò tó. Fọ́tò tí oníṣẹ́ fọ́tò yà fún yín náà rí bẹ́ẹ̀: bí kò bá sí ìwé àdéhùn, ẹ lè ní àwòrán lọ́wọ́ kí ẹ má ní ẹ̀tọ́ inú rẹ̀.

Ìwé náà kò ní láti gùn. Kó sọ orúkọ ẹni méjèèjì, kó lẹ àwòrán lógò náà mọ́ ara rẹ̀ kí àríyànjiyàn má baà wà nípa èwo là ń wí, kó sọ pé oníṣẹ́ náà gbé gbogbo kọ́píráìtì inú àwòrán yìí fún obìnrin yìí, kó sọ iye tó gbà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́. Ojú ewé kan tó o. Kí ẹ tó san owó tó kù ni kí ẹ gbà á, torí lẹ́yìn tí owó bá ti tán lọ́wọ́ yín, kò sí ohun tó máa jẹ́ kó yá oníṣẹ́ lára láti fọwọ́ sí nǹkan.

Ó wá kan àwòrán máńgòrò. Èyí dùn mọ́ mi láti sọ, torí òun ni iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní kété tó yà á sórí ìwé tàbí sínú fóònù, kọ́píráìtì ti dé. Kò sanwó, kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Òfin Kọ́píráìtì ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, béèrè pé kí iṣẹ́ náà jẹ́ làálàá ẹni tó ṣe é, kó sì ti wà lára ohun kan tí a lè rí. Ẹ̀tọ́ náà yóò wà títí obìnrin náà yóò fi lo ayé rẹ̀ tán, àti àádọ́rin (70) ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ó lè fi tó Àjọ Kọ́píráìtì Nàìjíríà létí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ó wúlò bí ẹ bá dé kóòtù.

Ẹ wo ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Ẹ̀tọ́ náà wà lórí àwòrán yìí gan-an, kò sí lórí èrò pé kí á fi máńgòrò ṣe ọ̀ṣọ́ aṣọ. Bí ẹlòmíì ní Ọ̀yọ́ bá jókòó tó ya máńgòrò tirẹ̀, láìwo ti obìnrin wa, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan, àní bí méjèèjì bá tilẹ̀ jọra. Obìnrin wa gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni yẹn ṣe àdàkọ tòun. Tirédímáàkì kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹni kejì kò bá tilẹ̀ gbọ́ Kánáfùrù rí, tó sì lò ó lórí aṣọ, ó ti tẹ ẹ̀tọ́ obìnrin wa lójú. Torí náà ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fi yàwòrán, títí kan èyí tí ẹ pa rẹ́ tí ẹ tún yà. Máńgòrò tí ewé rẹ̀ ní ìlà kan tí ẹ ṣèèṣì fà, tí ìlà yẹn sì wá hàn lára aṣọ ẹlòmíì, ẹ̀rí tó le gan-an nìyẹn.

Àwọn àrà tó ti wà látayébáyé wá ńkọ́? Ẹtù, sányán, àlàárì, àwọn àrà àdìrẹ tí ìyá ìyá wa ń yà: kò sí ẹni tó lè dìde lónìí kó ní tòun nìkan ni. Bí ẹ bá fi kún un láti inú ọpọlọ yín, ohun tí ẹ fi kún un ni tiyín.

Ní báyìí, obìnrin wa fẹ́ kí iléeṣẹ́ tẹ máńgòrò yìí sórí àǹkárá rẹpẹtẹ. Ní ibi yìí, mi ò ní fẹ́ kó gbára lé kọ́píráìtì nìkan. Ohun tí a dìídì yà kí ẹ̀rọ lè máa tẹ irú rẹ̀ jáde lọ́pọ̀, òfin mìíràn ló ṣe àyè sílẹ̀ fún un, ìyẹn Òfin Pátẹ́ǹtì àti Dísáìnì ti ọdún 1970. Ọ́fíìsì kan náà tó ń gba tirédímáàkì ló ń gba dísáìnì. Ọdún márùn-ún ló máa ń lò, èèyàn sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, kó lè pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdáàbòbò rẹ̀ le lọ́nà kan tí ti kọ́píráìtì kò le, torí kò ní kí ẹ fi hàn pé ẹni kejì rí tiyín kó tó ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn kan, inú ọ̀fìn yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń já sí lójoojúmọ́. Dísáìnì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Bí gbogbo ayé bá ti rí i ṣáájú ọjọ́ yẹn, kì í ṣe tuntun mọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi hàn wọ́n. Ẹ gbé e sórí Ínsítágíráàmù, ẹ fi sí sítátọ́ọ̀sì, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìyàwó, ẹ ti fi ẹsẹ̀ ara yín gbá a nù. Òfin fi ààyè oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún èyí tí èèyàn pàtẹ níbi ìpàtẹ ọjà tí ìjọba mọ̀ sí. Òde ìgbéyàwó kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní àrà tí ẹ mọ̀ pé yóò tà, ẹ fi ìwé sílẹ̀ kí ẹ tó fi hàn. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ kọ́kọ́ bá a fọwọ́ sí ìwé pé kò ní fi han ẹlòmíì.

Bí wọ́n bá wá rí fọ́tò ọjà obìnrin wa lórí ojúewé oníṣòwò mìíràn, èyí tó rọrùn jù láti dá dúró nìyẹn. Òfin 2022 fún oníkọ́píráìtì láyè láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kó tọ́ka sí fọ́tò tirẹ̀, kó tọ́ka sí èyí tí wọ́n jí, kó sọ pé òun ló ni ín. Bó bá jẹ́ pé oníṣẹ́ fọ́tò ló ni ín ńkọ́? Ẹ ti rí ìdí tí mo fi ń pariwo ìwé àdéhùn.

Bùbá ọlọ́wọ́ gbígbòòrò ló kù. Màá sọ òótọ́ fún yín: gígé àti rírán aṣọ, bí apá ṣe fẹ̀, bí ìṣẹ́po ṣe wà ní èjìká, kọ́píráìtì kì í sábà ṣọ́ ọ, tirédímáàkì náà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Dísáìnì lè gbà á bó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bùbá yìí ti wà lọ́rùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún tó kọjá. Télọ̀ ní òpópónà kejì lè rán irú rẹ̀ lọ́la. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó lẹ lébẹ̀ẹ̀lì Kánáfùrù mọ́ ọn lọ́rùn, kó sì tà á bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti wá. Ìdí nìyí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ fún ẹni tó ń ta aṣọ. Àrà á kọjá lọ, ti ẹ̀ẹ̀rùn kò ní dé òjò; orúkọ ni oníbàárà ń padà wá béèrè.

Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ kò wà láìní àtìlẹ́yìn o. Ó lè lọ sí Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀, irú èyí tó wà ní Ìbàdàn, kó ní wọ́n ń ta ọjà wọn bí ẹni pé tòun ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn oníbàárà ti mọ orúkọ náà mọ́ òun, pé ẹni kejì ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, àti pé òun ń pàdánù nínú rẹ̀. Rìsíìtì, ìwé owó tí ẹ fi ṣe lébẹ̀ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ oníbàárà tó ra ayédèrú tó wá ń bá yín jà, ìwọ̀nyí ni ẹ óò kó lọ. Ẹ tọ́jú wọn. Ẹni tó bá sì ti ń lo orúkọ kan tipẹ́tipẹ́ láìdáwọ́ dúró, òfin kò jẹ́ kí ẹni tó dé lẹ́yìn fi ìwé ẹ̀rí tuntun lé e kúrò.

Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ó ní ọmọ iṣẹ́ òun gba fúrídọ̀ọ̀mù, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì òun, ó ń rán ohun tí òun ń rán, ó sì tún kọ sára pátákó pé ọ̀dọ̀ ìyá náà lòun ti kọ́ṣẹ́. Mo dá ìyá lóhùn pé iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ kọ́ ọ ti di tirẹ̀, kò sí òfin tó máa gbà á padà. Bí ẹ ṣe ń wọn ara, bí ẹ ṣe ń gé ọrùn, ọ̀nà ìṣe ni, kọ́píráìtì kì í ṣọ́ ọ̀nà ìṣe. Pátáànì tí ẹ gé sórí ìwé, bó bá kó o lọ láìtọrọ, ẹrù yín ló gbé. Bó bá sọ lódodo pé ọ̀dọ̀ yín lòun ti kọ́ṣẹ́, òótọ́ ló sọ. Bó bá wá fi orúkọ yín sọ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tàbí tó lẹ lébẹ̀ẹ̀lì yín mọ́ aṣọ tó rán, tirédímáàkì ti ní agbára lórí ìyẹn. Fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, níwájú òbí wọn: àwòrán tí ọmọ bá yà nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ta ló ni ín, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ṣé ó lè lò ó lẹ́yìn fúrídọ̀ọ̀mù tàbí kò lè lò ó.